Asẹ́ fún Àpótí Lẹ́tà Wa

Ọ̀rọ̀ àpótí lẹ́tà ni a fẹ́ bá ara wa sọ ní oṣù yìí. Kì í ṣe àpótí tí ó wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ o, èyí tí ó wà nínú fóònù ni, tí a ń pè ní ímeèlì. Gmail ni ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú yín, nítorí náà òun ni a ó fi ṣe ẹ̀kọ́ wa.

Ìṣòro àpótí yìí ni pé ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ní. Ibẹ̀ ni ìpolówó aṣọ ń gbà wọlé láti ọ̀dọ̀ oníṣòwò tí a ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Ibẹ̀ náà ni rìsíìtì iná mànàmáná ń gbà, àti ìwé tí báńkì fi ń sọ owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde. Ibẹ̀ kan náà sì ni lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ ń gbà, èyí tí ó ń sọ ọjọ́ tí wọn kò ní gba owó ìdánwò mọ́. Ojoojúmọ́ ni ìpolówó ń dé, ṣùgbọ́n lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ lè wá lẹ́ẹ̀kan péré ní táàmù kan. Bí ogójì ìpolówó bá gorí lẹ́tà kan ṣoṣo yìí, ojú ìyá lè fò ó, ọjọ́ yóò sì kọjá. Ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni yóò wá dúró síta nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ṣe ìdánwò.

Ẹni tí ó bá ń ṣe ògì mọ ohun tí a fi ń ya èèrí kúrò lára omi ògì: asẹ́ ni. Gmail ní irú asẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú. Ohun tí ẹ ó rí tí wọ́n kọ sí ojú ẹ̀rọ ni `filter`. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú ni a fi ń ṣe ọ̀kan, bí a bá sì ti ṣe é tán, yóò máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ bí a bá tilẹ̀ sùn. Àmì tí asẹ́ ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà ni ojú ẹ̀rọ ń pè ní `label`.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí ohun méjì yé wa. Èkínní ni pé àmì kì í ṣe àpò. Bí ẹ bá fi aṣọ sínú àpò kan, kò sí nínú àpò kejì mọ́. Ṣùgbọ́n àmì dà bí òwú aláwọ̀ tí a so mọ́ aṣọ: ẹ lè so òwú pupa àti òwú dúdú mọ́ aṣọ kan náà. Lẹ́tà kan lè ní àmì méjì tàbí mẹ́ta, ẹ ó sì bá a lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èkejì ni pé `Inbox`, tí í ṣe ojú àpótí tí ẹ máa ń kọ́kọ́ rí, òun pàápàá jẹ́ àmì ni. Nígbà tí a bá ní kí lẹ́tà má ṣe gba ojú àpótí, a kò pa á rẹ́. A kàn já òwú ojú àpótí kúrò lára rẹ̀ ni. Ó ṣì wà nínú `All Mail`, bí a bá sì wá a, a ó rí i. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rù pé rìsíìtì òun yóò sọnù.

Ohun kan wà tí ó máa ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ kò lè ṣe asẹ́ láti inú Gmail tí ó wà lórí fóònù. Orí kọ̀ǹpútà ni a ti ń ṣe é, ní mail.google.com. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè ṣí Chrome lórí fóònù, kí ó tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tí ó wà lókè, kí ó yan `Desktop site`, kí ó sì lọ sí àdírẹ́sì yìí kan náà. Ìwé ibẹ̀ yóò kéré lójú, ṣùgbọ́n yóò ṣeé ṣe. Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn tàbí ti káfẹ́ ni ẹ yá lò, ẹ rí i dájú pé ẹ jáde nínú àpótí yín kí ẹ tó dìde. Bí ẹ bá ti ṣe asẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan, fóònù yóò máa tẹ̀ lé e láìsí iṣẹ́ mìíràn.

Ó dára, ẹ jẹ́ kí a mú ìyá kan tí ó ń ránṣọ ní Àkúrẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní báńkì kan. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ó ti ń ra iná, rìsíìtì sì ń wá sínú ímeèlì rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga oníwèé mẹ́wàá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin máa ń kọ lẹ́tà sí i láti Lọ́ńdọ̀n. Àwọn oníṣòwò aṣọ àti òwú mẹ́fà ni wọ́n sì ń fi ìpolówó ránṣẹ́ sí i. Àwọn àdírẹ́sì tí a ó kọ síhìn-ín, àpẹẹrẹ lásán ni wọ́n. Ẹ̀yin yóò fi ti àwọn tí ń kọ̀wé sí yín rọ́pò wọn.

Rìsíìtì ni kí ó kọ́kọ́ mú, nítorí òun ni ó rọrùn jù. Kí ó ṣí ọ̀kan nínú rìsíìtì iná, kí ó wo àdírẹ́sì ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ gan-an, kì í ṣe orúkọ tí ó hàn lókè nìkan. Ká ní `risiti@ina.example` ni. Lẹ́yìn náà kí ó lọ sí ibi tí a ti ń wá lẹ́tà lókè ojú ẹ̀rọ, níbi tí wọ́n kọ `Search mail` sí. Àmì kékeré kan wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ lápá ọ̀tún, orúkọ rẹ̀ ni `Show search options`. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́, ìwé kékeré kan yóò ṣí sílẹ̀. Kí ó kọ àdírẹ́sì náà sí iwájú `From`.

Kí ó má ṣe tíì tẹ bọ́tìnì asẹ́ o. `Search` ni kí ó kọ́kọ́ tẹ̀. Èyí ni ìtọ́wò ọbẹ̀ kí a tó gbé e fún àlejò. Gmail yóò kó gbogbo lẹ́tà tí asẹ́ yìí ìbá ti mú jáde, kí ó sì fi ojú yẹ̀ wọ́n wò títí dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ rìsíìtì nìkan ni ó wà níbẹ̀, asẹ́ náà dára. Kí ó tún tẹ àmì kékeré náà, yóò bá ohun tí ó kọ níbẹ̀, kí ó wá tẹ `Create filter`.

Ojú ìwé kejì ni yóò béèrè ohun tí a fẹ́ kí asẹ́ ṣe. Kí ó fi àmì sí èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `Skip the Inbox`, kí rìsíìtì má baà gba ojú àpótí. Kí ó fi àmì sí `Apply the label`, kí ó yan `New label`, kí ó sì kọ `Risiti`. Ní ìsàlẹ̀ ni yóò ti rí èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `Also apply filter to`. Bí kò bá fi àmì sí èyí, lẹ́tà tí ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀la nìkan ni asẹ́ yóò mú, gbogbo èyí tí ó ti wà nílẹ̀ yóò sì wà bí wọ́n ṣe wà. Kí ó wá tẹ `Create filter` ní ìgbà ìkẹyìn. Bí ẹlòmíràn bá tún ń fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí i, kò nílò asẹ́ tuntun. Kí ó kọ àdírẹ́sì méjèèjì sí iwájú `From`, kí ó sì fi `OR` sí àárín wọn. Lẹ́tà ńlá ni kí ó fi kọ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ Gmail kò ní mọ̀ pé yíyàn ni a ń sọ.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí a kò kàn sọ fún asẹ́ pé kí ó mú gbogbo lẹ́tà tí ọ̀rọ̀ náà `receipt` bá wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyá wa aránṣọ dán an wò pẹ̀lú `Search`. Òun yóò rí rìsíìtì lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò tún rí lẹ́tà akápò ilé ẹ̀kọ́ tí ó ní kí ó tètè fi rìsíìtì owó ìdánwò ránṣẹ́. Lẹ́tà tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kà ni ìbá ti fi pamọ́ yẹn! Àdírẹ́sì ń sọ ẹni tí ó kọ lẹ́tà, ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà kàn ń sọ ohun tí ó mẹ́nu bà ni. Níbi tí àdírẹ́sì bá ti tó, ẹ má ṣe lo ọ̀rọ̀.

Ìwé báńkì ńkọ́? Rìsíìtì ni òun náà, ó sì yẹ kí ó ní àmì tirẹ̀, kí ìyá wa lè rí i lọ́jọ́ tí oníbàárà bá ní òun ti sanwó. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe fi àmì sí `Skip the Inbox` fún báńkì. Fóònù kì í sábà dún fún lẹ́tà tí kò gba ojú àpótí. Bí olè bá ń yọ owó, lẹ́tà báńkì ni yóò kọ́kọ́ ké gbàjarè, a kò sì gbọ́dọ̀ di í lẹ́nu. Àmì nìkan ni kí asẹ́ báńkì máa lẹ̀.

Nísinsìnyí a dé ibi ìpolówó àti lẹ́tà ìròyìn, ibẹ̀ ni èèrí pọ̀ sí. Oníṣòwò mẹ́fà lónìí lè di mẹ́wàá lọ́la, nítorí náà kíka àdírẹ́sì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan yóò di iṣẹ́ tí kò lópin. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ wọn fi jọra. Ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà wọn ni ẹ ó ti rí ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ pé a kò fẹ́ mọ́, èyí ni `unsubscribe`. Bí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ yìí sí iwájú `Has the words`, tí ẹ sì tẹ `Search`, ẹ ó rí i bí wọ́n ṣe máa tò wálẹ̀ bí eṣú.

Ẹ fara balẹ̀ wo wọn, nítorí ibí ni jàǹbá wà. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ń fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún òbí lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè lo irú ẹ̀rọ tí àwọn oníṣòwò ń lò, ẹ̀rọ náà yóò sì fi `unsubscribe` sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni báńkì. Bí ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀n bá sì rí ìròyìn kan tí ó dùn mọ́ ọn, tí ó fi í ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ díẹ̀ lókè, ọ̀rọ̀ yìí yóò wà nínú lẹ́tà tirẹ̀ pẹ̀lú. Asẹ́ kò mọ ẹ̀gbọ́n yàtọ̀ sí oníṣòwò.

Ẹ lè rò pé kí a ṣe asẹ́ mìíràn fún ilé ẹ̀kọ́, tí yóò dá lẹ́tà rẹ̀ padà sí ojú àpótí. Kò sí irú asẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo asẹ́ tí lẹ́tà kan bá bá mu ni yóò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, kò sí èyí tí í ṣe ọ̀gá fún èkejì. Bí asẹ́ kan bá ti ní kí lẹ́tà má gba ojú àpótí, kò sí asẹ́ kejì tí yóò wí pé kí ó gbà á. Inú asẹ́ ìpolówó fúnra rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ kọ àwọn tí kò gbọ́dọ̀ mú sí. Ohun tí ìyá wa yóò kọ sí iwájú `Has the words` nìyí:

```
unsubscribe -from:(ileiwe.example OR banki.example OR egbon@ile.example)
```

Àmì ìyọkúrò tí ó wà níwájú `from` ni ó ń sọ pé, "yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí". Kò gbọ́dọ̀ sí àlàfo láàárín òun àti ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Ẹ wò ó pẹ̀lú pé a kò kọ orúkọ ẹnì kan sí iwájú `ileiwe.example`. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe yọ gbogbo ẹni tí ó bá kọ̀wé láti ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, ìbáà ṣe akápò, ìbáà ṣe olùkọ́. Kí ìyá wa tún tẹ `Search`, kí ó rí i pé lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ ti kúrò nínú wọn, kí ó tó tẹ `Create filter`. Kí ó fi àmì sí `Skip the Inbox`, kí ó sì lẹ àmì `Iroyin` mọ́ wọn. Bí rìsíìtì kan bá tilẹ̀ ní `unsubscribe` nínú, kò burú, yóò ní àmì méjì, yóò sì wà lábẹ́ méjèèjì.

`Delete it` náà wà láàárín ohun tí asẹ́ lè ṣe, ṣùgbọ́n a kò gbà yín nímọ̀ràn láti fọwọ́ kàn án. Lẹ́tà tí a bá jù sí `Trash` yóò parẹ́ pátápátá lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, bí asẹ́ bá sì ti ṣìnà, ẹ kò ní tètè mọ̀.

Lẹ́tà ènìyàn wá ńkọ́? Òun kò nílò kí a gbé e lọ síbì kankan. Bí ìpolówó àti rìsíìtì bá ti kúrò lójú àpótí, lẹ́tà ènìyàn ni yóò kù níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ nìkan ni kí ìyá wa ṣe asẹ́ kan sí i fún: kí ó kọ `ileiwe.example` sí iwájú `From`, kí ó lẹ àmì `Ile-iwe` mọ́ ọn, kí ó fi àmì sí `Star it` kí ìràwọ̀ lè hàn lára rẹ̀, kí ó sì fi àmì sí `Never send it to Spam`. Èyí tí a sọ kẹ́yìn yìí dára fún ilé ẹ̀kọ́, nítorí Gmail máa ń ṣèèṣì ju lẹ́tà gidi sí àárín pàǹtírí nígbà mìíràn, ibẹ̀ náà sì ń parẹ́ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lò ó fún báńkì. Àwọn gbájúẹ̀ máa ń fi orúkọ báńkì bojú, ẹ má sì ṣe yọ aṣọ́nà kúrò lẹ́nu ọ̀nà fún wọn.

Ọgbọ́n kan tún wà fún ọjọ́ iwájú. Bí àdírẹ́sì yín bá jẹ́ `oruko@gmail.com`, lẹ́tà tí a bá kọ sí `oruko+oja@gmail.com` yóò dé ọ̀dọ̀ yín láìsí pé ẹ ṣe ohunkóhun. Ẹ lè máa fún àwọn oníṣòwò ní èyí tí ó ní àmì àròpọ̀, kí ẹ sì ṣe asẹ́ kan tí ó ní `oruko+oja@gmail.com` níwájú `To`. Láti ìgbà náà lọ, oníṣòwò tuntun tí ẹ bá fún ní àdírẹ́sì yìí yóò bọ́ sábẹ́ asẹ́ lọ́jọ́ kìíní. Àwọn ibì kan wà tí wọn kì í gba àmì àròpọ̀ nínú àdírẹ́sì. Ẹ fún àwọn wọ̀nyẹn ní àdírẹ́sì yín gan-an, asẹ́ ìpolówó yóò sì bá yín mú wọn.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé asẹ́ ti ṣìnà? Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí ìyá wa máa ṣí `Iroyin` wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ó wo orúkọ àwọn tí ó kọ̀wé nìkan. Bí ó bá rí ẹni tí kì í ṣe oníṣòwò níbẹ̀, kí ó tẹ àmì kẹ̀kẹ́ eléyín tí ó wà lókè, lẹ́yìn náà `See all settings`, lẹ́yìn náà `Filters and Blocked Addresses`. Gbogbo asẹ́ rẹ̀ ni yóò bá níbẹ̀. Kí ó tẹ `edit` lẹ́gbẹ̀ẹ́ asẹ́ ìpolówó, kí ó sì fi àdírẹ́sì ẹni náà kún àwọn tí a yọ sílẹ̀. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá pààrọ̀ àdírẹ́sì rẹ̀, bákan náà ni kí ó ṣe. Asẹ́ kò mọ̀ pé ẹnìkan náà ni.

Ojú ewé yìí kan náà ni a fẹ́ kí ẹ máa yọjú sí lóṣooṣù nítorí ìdí mìíràn tí ó lágbára. Olè tí ó bá rí ọ̀nà wọ inú àpótí ènìyàn lè ṣe asẹ́ tirẹ̀ síbẹ̀: asẹ́ tí yóò máa pa gbogbo lẹ́tà báńkì rẹ́, tàbí tí yóò máa fi wọ́n ránṣẹ́ sí òun. Olówó yóò rò pé àlàáfíà ni, kò sì ní rí ìwé kankan títí owó yóò fi tán. Bí ẹ bá rí asẹ́ tí ẹ̀yin kò ṣe níbẹ̀, pàápàá èyí tí ó ní `Delete it` tàbí `Forward to` nínú, ẹ tẹ `delete` lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wo `Forwarding and POP/IMAP` tí ó wà nítòsí rẹ̀ bóyá àdírẹ́sì àjèjì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìwọlé yín lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì pe báńkì yín lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìyá wa ará Àkúrẹ́ kò ní ju asẹ́ mẹ́rin lọ: ti rìsíìtì, ti báńkì, ti ìpolówó àti ti ilé ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ tí akápò bá sọ pé òun kò rí owó, kí ó kọ èyí sí ibi tí a ti ń wá lẹ́tà, kí ó sì fi orúkọ tí ó sọ àmì báńkì rẹ̀ rọ́pò `Banki`:

```
label:Banki newer_than:3m
```

Gbogbo ìwé báńkì oṣù mẹ́ta ni yóò tò síwájú rẹ̀, láìsí ìpolówó aṣọ kankan láàárín wọn. Kí ó mú èyí tí ó bá ọjọ́ ìsanwó náà mu, kí ó fi ránṣẹ́ sí akápò, kí ọmọ sì jókòó ṣe ìdánwò rẹ̀.